Ohun tí ẹ bá àti ohun tí ẹ fi sílẹ̀: bí a ṣe ń sọ iṣẹ́ ojoojúmọ́ inú sífíì àtijọ́ di àṣeyọrí tó ní iye

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ìwé ìtàn iṣẹ́ tí gbogbo wa ń pè ní sífíì la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, pàápàá èyí tó ti pẹ́ nínú kọ̀ǹpútà tí a kàn ń fi ọjọ́ tuntun kún. Nínú púpọ̀ irú ìwé bẹ́ẹ̀, ṣe ni ẹni tó kọ ọ́ ṣí ìwé tí wọ́n fi gbà á síṣẹ́, tó sì da àwọn ojúṣe tó wà níbẹ̀ kọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: gbígba ẹrù wọlé, fífún àwọn òṣìṣẹ́ ní ohun èlò, kíka ọjà, títọ́jú fáìlì. Kò sí irọ́ kankan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣe iṣẹ́ yìí dáadáa àti ẹni tí wọ́n lé kúrò nídìí rẹ̀ lè kọ ọ̀rọ̀ kan náà gẹ́lẹ́. Ẹni tó ń wá òṣìṣẹ́ kò ní ohun tó lè fi dá àwọn méjèèjì mọ̀ yàtọ̀.

Ìmọ̀ràn tí wọ́n sábà máa ń fún èèyàn ni pé kó fi nọ́ńbà sí i. Ìmọ̀ràn náà dára, àmọ́ bí ọ̀pọ̀ ṣe ń lò ó kò ràn wọ́n lọ́wọ́. Wọ́n á wo ojúṣe náà, wọ́n á wá nọ́ńbà tó sún mọ́ ọn jù, wọ́n á sì kọ ọ́ pé àwọn máa ń dá ìbéèrè 40 lóhùn lójúmọ́. Ìyẹn ń sọ bí ọwọ́ èèyàn ṣe dí tó. Kò sọ ohun tó yí padà nítorí pé ẹni náà wà níbẹ̀. Nọ́ńbà tó ń ṣiṣẹ́ nínú sífíì wà láàárín ipò méjì: bí nǹkan ṣe rí nígbà tí ẹ dé, àti bí ó ṣe rí nígbà tí ẹ ń lọ. Èyí àkọ́kọ́ yìí, bí ẹ ṣe bá a, ló máa ń sọnù, òun náà sì ni iṣẹ́ wa lónìí dá lé jù.

Ẹ jẹ́ ká mú sífíì kan tú palẹ̀. Ká ní ẹnìkan ṣe olùtọ́jú sítọ́ọ̀ fún ọdún 3 ní ilé iṣẹ́ tó ń tún ẹ̀rọ ṣe. Oríṣi ohun èlò 600 ló wà nínú sítọ́ọ̀ náà. Ohun tó kọ sínú sífíì rẹ̀ nìyí:

Gbígba ẹrù wọlé lọ́wọ́ àwọn tó ń kó ọjà wá.
Fífún àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ní ohun èlò tí wọ́n bá béèrè.
Kíka ọjà ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta.
Títọ́jú fáìlì àti rísíìtì.
Kíkọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tuntun níṣẹ́.

Kí ẹ tó wá nọ́ńbà kankan, ẹ bi ìlà kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè kan: bí wọn kò bá ṣe iṣẹ́ yìí dáadáa, kí ni ì bá bàjẹ́, ta ni ì bá sì kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára? Bí wọn kò bá gba ẹrù wọlé dáadáa, ilé iṣẹ́ á sanwó fún ohun tí kò dé. Bí wọn kò bá tètè fún èèyàn ní ohun èlò, oníṣẹ́ ẹ̀rọ á dúró lásán lẹ́nu ọ̀nà sítọ́ọ̀, ẹ̀rọ oníbàárà á sì wà ní títú sílẹ̀. Bí kíka ọjà kò bá péye, ìwé á ní ohun èlò 6 wà, àtẹ á sì ṣófo. Fáìlì ńkọ́? Bí a bá sọ òtítọ́, ó lè pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Ìdáhùn ìbéèrè yìí ló ń sọ ohun tí a ó wọ̀n fún yín. Àṣìṣe ni, tàbí ìdádúró, tàbí àdánù, tàbí ẹ̀sùn. Ìlà tí kò bá ní ìdáhùn tó ṣe gúnmọ́, bí i ti fáìlì yẹn, ẹ yọ ọ́ kúrò. Kò pọn dandan kí gbogbo ohun tí èèyàn ṣe wọ inú sífíì.

Kíka ọjà ni a ó kọ́kọ́ mú, torí ibẹ̀ ni nǹkan pọ̀ sí. Ìgbà tí olùtọ́jú sítọ́ọ̀ wa yìí dé, ìròyìn kíka ọjà àkọ́kọ́ tó bọ́ sí i lọ́wọ́ fi hàn pé nínú oríṣi 600, 90 ni iye wọn lórí àtẹ kò bá ti inú ìwé mu. Lẹ́yìn ọdún kan, ìròyìn irú kan náà fi 24 hàn. Ipò méjì tí a ń wá nìyẹn. Ẹ kíyè sí i pé ìwé kan náà, tí wọ́n kọ lọ́nà kan náà, ló fún wa ní nọ́ńbà méjèèjì. Bó bá jẹ́ pé ohun tó wà lórí àtẹ ni wọ́n kà lákọ̀ọ́kọ́, tí wọ́n wá ka iye owó wọn lẹ́yìn náà, ẹ ò lè gbé ọ̀kan ti èkejì.

Ó ku ohun tó fa ìyàtọ̀ náà. Ohun mẹ́ta ló ṣe. Ó fi káàdì sí iwájú ohun èlò kọ̀ọ̀kan lórí àtẹ, èyí tí wọ́n ń kọ iye tó wọlé àti iye tó jáde sí. Ó ní kí ohunkóhun má jáde mọ́ láìsí ìwé pélébé tí ẹni tó gbà á fọwọ́ sí. Ẹ̀kẹta ló ṣe pàtàkì jù: dípò kó dúró di oṣù kẹta kó tó ka gbogbo rẹ̀, ó ń ka oríṣi 30 lójoojúmọ́. Nínú nǹkan bí 20 ọjọ́ iṣẹ́ tó wà nínú oṣù kan, ó ti yí gbogbo oríṣi 600 po. Ìdí tí èyí fi gbéṣẹ́ kò fara sin. Àṣìṣe tí wọ́n bá rí ní oṣù kẹta ti di ti ọjọ́ pípẹ́, kò sẹ́ni tó rántí ẹni tó mú ohun èlò náà tàbí ìwé tí wọ́n gbàgbé láti kọ. Èyí tí wọ́n bá rí láàárín oṣù kan náà, ìwé pélébé rẹ̀ ṣì wà nítòsí, ẹni tó mú un ṣì lè sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, wọ́n á sì dí ihò tó gbà jáde.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká kọ ìlà náà:

Mo dín oríṣi ohun èlò tí iye rẹ̀ kò bá ìwé mu kù láti 90 sí 24 nínú 600 láàárín ọdún kan, nípa kíka oríṣi 30 lójoojúmọ́ dípò kíka gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta.

Laszlo Bock, ẹni tó ṣe olórí ẹ̀ka ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní Google tẹ́lẹ̀, ti gbé ìlànà kan jáde tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò: kí a sọ ohun tí a ṣe, bí a ṣe wọ̀n ọ́n, àti ọ̀nà tí a gbà ṣe é. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọ̀nà tí a gbà ṣe é ni àwọn èèyàn máa ń yọ kúrò kí ìlà lè kúrú. Àṣìṣe gbáà ni, lójú tiwa. Nọ́ńbà á jẹ́ kí ojú ẹni tó ń kà á dúró lórí ìlà náà, àmọ́ ọ̀nà tí ẹ gbà ló máa jẹ́ kó mọ̀ pé ẹ lè ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i ní ọ̀dọ̀ tòun. Òun náà sì ni wọ́n máa bi yín léèrè jù nígbà ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò.

Ẹ ó rí i pé a kò lo ìdá nínú ọgọ́rùn-ún. A mọ̀ọ́mọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ ni. Oríṣi 90 nínú 600 jẹ́ 15%, oríṣi 24 nínú 600 jẹ́ 4%. Ibí ni àwọn tó mọ ìṣirò pàápàá ti máa ń ṣubú. Wọ́n á yọ 4 kúrò nínú 15, wọ́n á sì kọ pé àwọn dín àṣìṣe kù ní 11%. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àṣìṣe 66 ló kúrò nínú 90, ìyẹn sì jẹ́ nǹkan bí 73%. Bí ẹ bá wá kọ 73% nìkan, ẹni tó ń kà á kò mọ̀ bóyá láti 90 sí 24 ni tàbí láti 11 sí 3, torí àwọn méjèèjì ló fún un ní nǹkan bí 73%. Níbi tí iye gan-an bá ti wà, ẹ kọ iye gan-an. Ìdá nínú ọgọ́rùn-ún wúlò nígbà tí ilé iṣẹ́ kò bá fẹ́ kí iye rẹ̀ hàn sí aráyé, pàápàá iye owó. Bí àdánù sítọ́ọ̀ bá jẹ́ àṣírí ilé iṣẹ́, ẹ lè sọ pé ó dín sí ìdajì láìdárúkọ owó kankan.

Kí ẹ tó gbà pé tiyín ni nọ́ńbà kan, ẹ wo ohun mìíràn tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún náà. Ká ní àwọn ọ̀gá yọ oríṣi 100 tí kò tà kúrò nínú sítọ́ọ̀, tí ó wá ku 500. Ó ṣeé ṣe kí púpọ̀ nínú àṣìṣe 90 yẹn wà lára ohun tí wọ́n kó dànù. Nígbà náà, oríṣi tó wà níbẹ̀ nígbà méjèèjì nìkan ni kí ẹ fi wéra. Bó bá jẹ́ pé ètò kọ̀ǹpútà tuntun ni wọ́n gbé wọlé, ẹ sọ ọ́ sínú ìlà náà pé lẹ́yìn tí ètò tuntun dé ni, kí ẹ sì sọ ipa tí ẹ kó níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìṣe ni ẹ ó fi sọ ọ́: mo darí rẹ̀, mo bá wọn gbé e kalẹ̀, èmi àti ẹni méjì la ṣe é. Ẹni tó kọ pé òun àti ẹni méjì ni kò dín iyì rẹ̀ kù. Ẹni tó gba gbogbo rẹ̀ mọ́ra, tí wọ́n wá pe ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́ lórí fóònù, ni ọ̀rọ̀ máa bẹ́yìn yọ fún.

Ẹ jẹ́ ká kọjá sí ìlà kejì, fífún àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ní ohun èlò. Èyí le ju ti àkọ́kọ́ lọ, torí kò sẹ́ni tó kọ ìròyìn lórí bí èèyàn ṣe pẹ́ tó lẹ́nu ọ̀nà. Irú èyí ló pọ̀ jù nínú sífíì àtijọ́: iṣẹ́ tí wọ́n ṣe dáadáa, tí kò sí àkọsílẹ̀ rẹ̀, tí ẹni náà sì ti kúrò níbẹ̀. Ẹ má ṣe padà lọ yọ ìwé ilé iṣẹ́ tí kì í ṣe tiyín. Ẹ wá ohun tó wà lọ́wọ́ yín: ìwé tí ọ̀gá fi ṣe àgbéyẹ̀wò iṣẹ́ yín lọ́dọọdún, lẹ́tà ìyìn, ìwé kékeré tí ẹ ń kọ nǹkan sí, àtẹ̀jíṣẹ́ tí ẹ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ yín fi ránṣẹ́ síra yín. Ẹ sì pe ẹnìkan tó máa ń wá gba ohun èlò lọ́wọ́ yín. Ẹ má bi í pé ṣé mo ṣe dáadáa. Ẹ bi í pé: kí n tó dé, bó o bá wá gba nǹkan ní àárọ̀, báwo lo ṣe máa ń pẹ́ tó? Nígbà tó yá ńkọ́?

Ká ní ó dáhùn pé tẹ́lẹ̀, ó máa ń tó ìṣẹ́jú 20 sí 30, nígbà tó yá ó di bí ìṣẹ́jú 8 sí 10. Ẹ ti ní àfojúbù, kì í ṣe àkọsílẹ̀, ẹ sì ní láti bá a lò bẹ́ẹ̀. Òfin tí a máa ń tẹ̀ lé ni pé kí ẹ mú èyí tó kéré jù nínú ti ìṣáájú, kí ẹ sì mú èyí tó pọ̀ jù nínú ti ìkẹyìn. Ìyẹn ni 20 àti 10. Ọ̀nà yìí mú kí àṣeyọrí yín kéré sí bó ṣe lè jẹ́, kò sì sí ẹni tó wà níbẹ̀ tó máa lè sọ pé ẹ bù mọ́ ọn. Ẹ fi «nǹkan bí» sí iwájú rẹ̀, kí ẹ má sì kọ ìṣẹ́jú 9 àti ààbọ̀, torí ẹni tó bá ń kà á máa béèrè ibi tí ẹ ti rí ààbọ̀ yẹn. Bákan náà ni iye ìbéèrè lójúmọ́: bó bá ń lọ láàárín 35 sí 50, ẹ kọ pé kò dín ní 35.

Ọ̀nà tó gbà mú ìdádúró náà kúrò ni pé ó wo ìwé pélébé oṣù méjì, ó rí oríṣi 50 tí wọ́n ń béèrè jù, ó sì kó wọn sún mọ́ ẹnu ọ̀nà. Ìlà náà á wá di:

Mo dín àkókò tí oníṣẹ́ ẹ̀rọ fi ń dúró kù láti nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 sí 10, níbi tí ìbéèrè kò dín ní 35 lójúmọ́, nípa kíkó oríṣi 50 tí wọ́n ń lò jù sún mọ́ ẹnu ọ̀nà sítọ́ọ̀.

Ẹ wò ó bí iye ìbéèrè tí a fẹ̀sùn kàn lẹ́ẹ̀kan ṣe rí àyè tirẹ̀ báyìí. Òun nìkan kò sọ nǹkan kan. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìṣẹ́jú 20 àti 10, ó ń sọ bí iṣẹ́ náà ṣe tóbi tó.

Gbígba ẹrù wọlé tún jẹ́ oríṣi mìíràn, torí bí wọ́n bá ṣe é dáadáa, nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Kò sí «tẹ́lẹ̀» tó burú tí èèyàn tún ṣe. Irú iṣẹ́ yìí pọ̀: ti ẹ̀ṣọ́, ti ẹni tó ń san owó oṣù, ti ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀rọ kó má bàa dá iṣẹ́ sílẹ̀. Fún irú rẹ̀, ẹ wá ẹni tó yẹ iṣẹ́ náà wò láti òde. Bí àwọn aṣàyẹ̀wò ìṣirò owó bá wá lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, tí wọ́n sì fi ìwé owó wé ẹrù tó wọlé, ẹ lè kọ ọ́ pé nínú àyẹ̀wò 3 láàárín ọdún 3, wọn kò rí ẹrù kankan tí a sanwó fún tí kò wọlé. Agbára ìlà yìí wà nínú àyẹ̀wò náà. Bí ẹnikẹ́ni kò bá yẹ̀ ẹ́ wò rí, «kò sí àṣìṣe» kàn túmọ̀ sí pé ẹnikẹ́ni kò wá a ni. Ẹ má kọ ọ́.

Ti kíkọ́ òṣìṣẹ́ tuntun kò gba àsọjù. Ẹ sọ iye ẹni tí ẹ kọ́ àti iye ọ̀sẹ̀ tó gbà kí wọ́n tó lè dá dúró nínú sítọ́ọ̀. Bí ẹ kò bá mọ iye ọ̀sẹ̀ tó ń gbà tẹ́lẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ bí ojúṣe, nínú ìlà kúkúrú kan.

Bó ṣe máa tò lórí ìwé nìyí. Lábẹ́ orúkọ iṣẹ́ náà, ẹ kọ gbólóhùn kan ṣoṣo tó sọ bí ibẹ̀ ṣe tóbi tó: sítọ́ọ̀ tó ní oríṣi ohun èlò 600, tó ń sin ilé iṣẹ́ àtúnṣe ẹ̀rọ. Gbólóhùn yìí gbé gbogbo ojúṣe àtijọ́ ró, òun náà sì ni ẹ máa fi àwọn ọ̀rọ̀ tí ìpolówó iṣẹ́ ń lò sí, irú bí kíka ọjà àti gbígba ẹrù wọlé, kí ẹni tó ń wá ọ̀rọ̀ náà lè rí i. Lẹ́yìn rẹ̀, àṣeyọrí mẹ́ta, èyí tó bá iṣẹ́ tí ẹ ń wá mu jù ni kó ṣáájú. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ ayẹ̀wéwò ni ẹ ń wá, ti 90 sí 24 ló máa ṣáájú. Bó bá jẹ́ ibi tí wọ́n ti ń sin oníbàárà ni, ti ìṣẹ́jú 20 sí 10 ni. Àwọn iṣẹ́ tó ti lé ní ọdún mẹ́wàá kò nílò ju ìlà kan lọ. Ẹ má fi nọ́ńbà kún gbogbo ìlà dé ìsàlẹ̀, torí èyí tó lágbára máa sọnù sáàárín àwọn tí kò lágbára.

Lákòótán iṣẹ́ ọjọ́ náà, ẹ ṣí ojú ìwé mìíràn tí ẹ kò ní fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Fún nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ibi tí ẹ ti rí i, oṣù àti ọdún rẹ̀, ìṣirò tí ẹ ṣe, bóyá àkọsílẹ̀ ni tàbí àfojúbù, àti ẹni tó lè jẹ́rìí sí i. Ẹ ka ojú ìwé yìí kí ẹ tó lọ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ kì í múra sílẹ̀ fún kì í ṣe ti àṣìṣe 66 tó kúrò, ti 24 tó ṣẹ́kù ni. Ẹni tó mọ iṣẹ́ sítọ́ọ̀ máa fẹ́ mọ ohun tí wọ́n jẹ́. Olùtọ́jú sítọ́ọ̀ tó ka ojú ìwé rẹ̀ máa sọ pé púpọ̀ nínú wọn jẹ́ nọ́ọ̀tì àti bóòtù kéékèèké tí oníṣẹ́ ẹ̀rọ máa ń fọwọ́ bù, tí kò sí ẹni tó ń kọ ìwé pélébé fún, àti pé ọ̀nà tó yẹ kí wọ́n gbà ni kí wọ́n máa wọ̀n wọ́n lórí òṣùwọ̀n dípò kíkà wọ́n ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan.